Ẹkún Tó Di Ègbè: Bí Ímò Ṣe Ti Ìsàlẹ̀ Ilé Dé Orí Tẹlifíṣàn

Nígbà tí mo fi àwo ẹgbẹ́ olórin Rites of Spring sí i fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lu gángan, orin àkọ́kọ́ kò tíì dé ìdajì tó fi bi mí pé, "Ta ló kú fún un?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ ímò, irú orin gìtá tí akọrin ti ń tú ọkàn ara rẹ̀ síta. Kò sẹ́ni tó kú. Ọmọkùnrin kan ló dúró níwájú èrò, tó ń kígbe ohun tó ń dùn ún nínú títí ohùn rẹ̀ fi ya. Ní 1985, ní Washington tó jẹ́ olú-ìlú Amẹ́ríkà, ohun àjèjì pátápátá nìyẹn láàrin àwọn tó ń kọ irú orin gìtá oníjágbe tó bí ímò. Nígbà tó fi máa di 2002, ohun kan náà ti dé orí tẹlifíṣàn, àwọn ọmọ ilé ìwé girama sì ti mọ̀ ọ́n sórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Bí ó ṣe rin ìrìn ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ olórin kan ni màá sì dúró tì jù, Jimmy Eat World, torí pé ìtàn tiwọn ni kò jẹ́ kí n gba àlàyé táwọn ènìyàn máa ń ṣe, pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ló wá jí ímò gbé lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Hádíkọ̀ ni ìyá tó bí ímò. Ọmọ pọ́ǹkì, orin gìtá aláriwo àwọn ọ̀dọ́ ọlọ̀tẹ̀, ni hádíkọ̀ fúnra rẹ̀: orin gìtá tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú méjì, tí akọrin rẹ̀ kì í kọrin, tó jẹ́ pé ó ń jágbe ni. Ìjọba, ọlọ́pàá, òbí àti olùkọ́ ló ń jágbe mọ́. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú orin wọn ni "àwa" àti "ẹ̀yin". Ní Washington, Minor Threat tí Ian MacKaye ń kọrin fún ni wọ́n ń wò bí àwòkọ́ṣe, MacKaye àti Jeff Nelson onílù rẹ̀ ló sì dá ilé iṣẹ́ Dischord sílẹ̀ ní 1980 láti máa gbé àwo àwọn ẹgbẹ́ ìlú wọn jáde. Minor Threat tú ká ní 1983. Lẹ́yìn ìyẹn, òde orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìjó ìkọlura tí wọ́n ń jó níwájú pèpéle, tó ti jẹ́ eré, di ìjà gidi. Àwọn kan kì í tilẹ̀ wá gbọ́ orin mọ́, ẹni tí wọ́n máa lù ni wọ́n ń wá kiri, àwọn ọmọbìnrin sì ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń lọ fara ti ògiri.

Inú ìdààmú yìí ni Rites of Spring ti jáde ní 1984. Guy Picciotto ń kọrin, òun àti Eddie Janney ń ta gìtá, Mike Fellows wà nídìí gìtá ohùn ìsàlẹ̀, Brendan Canty sì ń lu ìlù. Ní February 1985, wọ́n wọ Inner Ear lọ gba orin wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lè rò pé sítúdíò ńlá ni. Ìsàlẹ̀ ilé Don Zientara ni, ní Arlington, ní òdìkejì odò sí Washington. MacKaye ló darí ìgbàsílẹ̀ náà, Dischord ló gbé e jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n yí padà, kó tẹ́tí sí nǹkan méjì. Èkíní ni gìtá. Nínú hádíkọ̀, gìtá kan lè máa gbá ohùn mẹ́ta bí ẹni ń gbá ògiri. Ti Picciotto àti Janney kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń dá a lóhùn, ìlù sì lè rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá kò dín kù, ṣùgbọ́n orin tó ṣeé fi imú kọ ti wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀. "Àwa" àti "ẹ̀yin" fi àyè sílẹ̀ fún "èmi": ohun tí mo pàdánù, ohun tí mi ò lè gbàgbé, ẹ̀rù tó ń bà mí pé mo ti fi ìgbà mi ṣòfò. Nígbà tí ohùn Picciotto bá sì dé ibi tí kò lè gbà á mọ́, kò ní dín in kù. Á jẹ́ kó ya bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n jáde síta kọrin kò tó ogún. Ara ohun tó fà á ni pé wọ́n máa ń fọ́ gìtá àti ìlù wọn lórí pèpéle, owó tí wọ́n máa fi ra òmíràn kò sì sí. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé àwọn ènìyàn máa ń sunkún. Ẹ fojú inú wò ó: ibi tí wọ́n ti ń fi ìkúùkù lu ara wọn lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti ń sunkún báyìí.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ rò pé àwọn ọmọ wọ̀nyí gbàgbé ayé nítorí ọkàn ara wọn. Ìgbà ooru ọdún 1985 yẹn kan náà, tí wọ́n sọ ní Ìgbà Ooru Ìyípadà, ni wọ́n kó ìlù àti ohunkóhun tó ń dún lọ síwájú ilé aṣojú ìjọba South Africa ní Washington, tí wọ́n ń lù ú láti fi tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Amy Pickering, ọmọbìnrin kan láàrin wọn, ló ti kọ́kọ́ ń fi lẹ́tà tí kò lórúkọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé kí wọ́n jí. Nítorí náà, títú ọkàn síta àti títako ìjọba, ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé Pickering; màá padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin.

Orúkọ ímò kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn mìíràn ló gé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìmọ̀lára kúrú, tí wọ́n so ó mọ́ hádíkọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan lò ó, MacKaye, tó ti ń kọrin fún Embrace nígbà náà, gba gbohùngbohùn lórí pèpéle, ó sì sọ pé òun kò tíì gbọ́ ohun tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Picciotto náà bínú sí i. Ó ní ṣé ẹgbẹ́ hádíkọ̀ Bad Brains tó ṣáájú wọn kò ní ìmọ̀lára ni, àbí ẹ̀rọ ni wọ́n? Láti ọjọ́ náà títí di òní, agbára káká lẹ máa fi rí olórin tó máa gbà pé ímò lòun ń kọ. Rites of Spring fúnra wọn tú ká ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986. Picciotto àti Canty lọ bá MacKaye nínú ẹgbẹ́ Fugazi.

Ọdún mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, màá fò ó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé orin náà kúrò ní Washington, eré rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ní 1994, Sunny Day Real Estate láti Seattle gbé àwo Diary jáde. Nínú rẹ̀, ohùn á kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá etí, gìtá á rọra máa ta kókó kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á wú, á bú jáde. Hádíkọ̀ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà gbà lò, àwọn bíi The Promise Ring ní Milwaukee àti The Get Up Kids ní Kansas City, ọmọ àwọn ìlú tí kò sí nǹkan púpọ̀ láti ṣe níbẹ̀ ju kéèyàn wa ọkọ̀ yípo lálẹ́.

Ewu kan wà nígbà náà tó yẹ ká mọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀dàlẹ̀ ni lójú àwọn tirẹ̀. Jawbreaker ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1995, àwọn olólùfẹ́ wọn sì kọ àwo tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni kọ aya. Ní 1996, ẹgbẹ́ ti tú.

Jimmy Eat World wá ń kọ́? Mesa ni wọ́n ti wá, ìlú kan nínú aginjù Arizona. Jim Adkins, Tom Linton àti Zach Lind wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1993, Rick Burch dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1995. Orúkọ wọn ti inú ìjà ọmọdé jáde: àwọn àbúrò Linton méjì ń jà, èyí tó kéré lọ fi kéréyọ́ọ̀nù ya àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ki gbogbo ayé bọ ẹnu, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Jimmy ń jẹ ayé. Kí wọ́n tó kọ orin kan tó gbayì ni ilé iṣẹ́ ńlá Capitol ti mú wọn ní 1995. Wọ́n ṣe àwo kan ní 1996, kò tà. Wọ́n ṣe èkejì, Clarity, pẹ̀lú Mark Trombino tó darí ìgbàsílẹ̀ rẹ̀. Capitol gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ń fì í síwá-sẹ́yìn, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. February 1999 ló tó jáde.

Mo lóye ìdààmú àwọn ọ̀gá Capitol, kí n má purọ́. Orin tó gbẹ̀yìn nínú àwo náà gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lọ, ó sì ń yípo lórí ohun kan náà títí tí ẹ fi máa gbàgbé pé ẹ̀ ń gbọ́ orin. Rédíò wo ló máa gbé ìyẹn? Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tí wọn kò wò ni àwo náà ti ń gbilẹ̀. Ọmọ kan á dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kejì, ọmọ kejì á rìn jìnnà lọ wo ẹgbẹ́ náà nínú gbọ̀ngàn kékeré, á sì ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin kó tó débẹ̀. Iye àwo tó tà nìkan ni Capitol ń kà. Kí ọdún 1999 tó parí, àdéhùn ti tú.

Ibí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sílé, wọ́n wá iṣẹ́ ṣe. Adkins ń ta ohun èlò àwọn ayàwòrán. Linton ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Burch ń ta ohun èlò ọkọ̀, Lind wà níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Wọ́n kó àwọn orin tó ti fọ́n káàkiri jọ sínú àwo kan ní 2000, ilé iṣẹ́ kékeré kan ló gbé e jáde. Wọ́n lọ kọrin ní Yúróòpù, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ta àwo. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ àti owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi wọ sítúdíò ní Los Angeles láti ṣe àwo tuntun. Kò tó. Trombino ní kí wọ́n má san nǹkan kan fún òun, tó bá jáde tó bá tà, kí wọ́n rántí òun. Àwìn ló fi iṣẹ́ náà ṣe, bí oníṣòwò tó mọ ilé oníbàárà rẹ̀.

Nítorí pé owó ara wọn ni wọ́n ń ná, wákàtí sítúdíò kò ṣeé fi ṣòfò. Èrò tèmi ni pé èyí ló jẹ́ kí àwo tuntun náà já sí kókó. Ẹ gbọ́ orin inú rẹ̀ kan, "The Middle": kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gìtá kan ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìdí ọwọ́ tẹ okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má lè dún tán, kó máa ta gọ́ọ́-gọ́ọ́. Ìlù wọlé, ohùn wọlé, ègbè dé kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ̀ ń dúró dè é. Eré tó ń sá ti hádíkọ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í tán lára ọmọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá ti í-meèlì tí ọmọbìnrin kékeré kan kọ sí wọn wá, pé àwọn ọmọ ilé ìwé òun kò gba òun mọ́ra torí pé wọ́n ní òun kì í ṣe pọ́ǹkì tó. Adkins dá a lóhùn pẹ̀lú orin: mú sùúrù, o kò tíì dé òpin, má fi tiwọn ṣe. Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà. Hádíkọ̀ sọ pé "ẹ̀yin", Rites of Spring sọ pé "èmi", Jimmy Eat World wá yíjú sí ẹni tó ń gbọ́, wọ́n ní "ìwọ".

Ilé iṣẹ́ tó lówó tún wá, DreamWorks lórúkọ rẹ̀. Orin ti délẹ̀ kó tó dé. Ọjà tó ti sè jinná ló rà. July 2001 ni àwo náà jáde pẹ̀lú orúkọ Bleed American, tó mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀ àti Amẹ́ríkà pọ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìkọlù September 11, orúkọ náà kò ṣeé pè lójúde mọ́. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà rọ́pò rẹ̀, 2008 ni wọ́n tó dá a padà. "The Middle" bọ́ sórí rédíò nígbà tí ọdún 2001 ń lọ sópin, ní àsìkò tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé á dára. Ó gun ipò karùn-ún lórí àtẹ orin Billboard ní 2002. Wọn kò sì pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ bí wọ́n ti pe Jawbreaker. Ta ló máa pe ẹni tí wọ́n lé, tó lọ ta ohun èlò ayàwòrán, ní ọ̀dàlẹ̀?

Ọ̀nà tí wọ́n là ni Chris Carrabba gbà kọjá. Florida ló ti wá, ó ń kọrin fún ẹgbẹ́ kan tí ariwo gìtá wọn pọ̀, ó wá ń fi gìtá lásán, tí kò lo iná, kọ orin tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ tó fún un ni Dashboard Confessional, ó yọ ọ́ nínú orin rẹ̀ kan tó sọ pé ọkọ̀ tí òun ń wà lọ sílé ló ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ òun. Ìyẹn ni pé iwájú ọkọ̀, níbi tí aago epo wà, ló di àlùfáà rẹ̀. Ohun gbogbo tó ṣẹ́kù nínú hádíkọ̀ ni Carrabba bọ́ sílẹ̀: kò sí ìlù, kò sí iná, kò sí ẹgbẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó mú dání ni ohùn tó ya. Obìnrin kan ló já a kulẹ̀, irun orí obìnrin náà ṣì wà lára gbogbo nǹkan rẹ̀, ó sì ń kígbe nípa rẹ̀.

Ní 2002, tẹlifíṣàn MTV pè é sí ètò wọn tí olórin ti ń kọrin láìlo iná. Títí di ìgbà náà, ẹni tí àwo rẹ̀ ti tà tó mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń pè. Ti Carrabba kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kún gbọ̀ngàn náà, nígbà tó sì ṣí ẹnu, gbogbo wọn ló ṣí ẹnu. Àwa tí a mọ lílé àti gbígbè, a mọ̀ pé elégbè ní ibi tirẹ̀: ó máa dúró kí ẹni tó ń lé orin sọ tirẹ̀ tán kó tó gbé e. Àwọn wọ̀nyí kò dúró. Láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń lé e pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ibòmíràn wà tó tilẹ̀ pa ẹnu mọ́ tí wọ́n ń bá a lọ. Ẹkún ẹnì kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹnu. Àwo tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ní 2003, ipò kejì ló bọ́ sí ní Amẹ́ríkà. Irun dúdú tó bo ojú kan, tìróò lójú ọkùnrin, ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní ímò lónìí, ẹ̀yìn èyí ni wọ́n gbòde.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí mo fi sílẹ̀ ńkọ́? Ní 1985, wọ́n wà lára àwọn tó ń ti nǹkan síwájú. Ìyípadà orin náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti kúrò nínú ìjà tó lé wọn lọ sí ẹ̀yìn. Nígbà tó máa fi di 2003, Jessica Hopper, akọ̀wé orin tó jẹ́ obìnrin, kọ àpilẹ̀kọ kan tó bí àwọn ènìyàn nínú. Ó ní nínú orin ímò tó gbòde, obìnrin kò lórúkọ, kò ní iṣẹ́, kò ní ẹnu. Ohun tó ṣe fún akọrin nìkan ló wà fún. Ó tún ní àwọn ọmọbìnrin tó wà níwájú pèpéle ni òun máa ń wò ju àwọn olórin lọ. Mo ti wo fídíò ètò Carrabba yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ojú wọn ń dán, wọ́n ń fi gbogbo ọ̀fun lé orin tó ń fẹ̀sùn kan obìnrin, wọn kò fo ọ̀rọ̀ kan.